Lẹ́tà Ẹni Tó Ń Lẹ Táyà

Ọkùnrin kan wà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, nísàlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan. Bí wọ́n bá gbé táyà tó ń jò wá bá a, kì í pariwo, kì í sì í sáré fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kó ní kí ẹni tó ni ín máa lọ. Á yọ túùbù inú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sínú ọpọ́n omi, á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa hó níbì kan. Á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú ibẹ̀. Ojú ibẹ̀ náà ni yóò lẹ̀.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Ìbídùn, tó wà ní pírámárì kẹrin. Bí ilé ìwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọmọ yìí máa ń yà sí. Á ju báàgì sílẹ̀, á ki ọwọ́ bọ omi. "Bàbá mi, ó ń hó níbí o!" Inú bàbá á sì dùn ju ti ẹni tó jogún ilé lọ.

Àfi bí ọmọ ṣe ṣíwọ́ yíyà síbẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà relé báyìí. Ó dun bàbá. Ó rò pé ọmọ òun ti ń dàgbà, pé ojú iṣẹ́ òun ti ń tì í, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú rírun tún bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, èyí tí kì í yọ ọmọ lẹ́nu ní Sátidé. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ìyá bá a ní balùwẹ̀, tó ń fi kànìnkànìn ha apá títí ara fi bó.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ara mi ń rùn, mà."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan ní kíláàsì ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò sùn dáadáa. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi fóònù ránṣẹ́ sí tíṣà: "Wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ mi, ẹ sì ń wò wọ́n. Bí mo bá débẹ̀, ẹ ó mọ̀ mí." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Tíṣà yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ló ń kọ́. Ó ka iṣẹ́ náà, ó dúró níwájú kíláàsì, ó ní, "Ìbídùn, dìde. Ta ló ń fìyà jẹ ọ́?"

Ọmọ wo ilẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan, mà."

Tíṣà dá bàbá lóhùn pé òun ti bi í, ó ní kò sí. Nígbà ìsinmi ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ju sálúbàtà ọmọ sínú ṣáláńgá, wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun: Aṣòfófó.

Nígbà tí ọmọ wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan délé, bàbá ń wá ṣòkòtò tí yóò wọ̀ lọ jà. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìbídùn, ṣé bí ẹ ṣe ń lẹ táyà nìyẹn?"

Ó jókòó.

Ọjọ́ náà ló ra ìwé kékeré kan. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, á bi ọmọ ní pẹ̀lẹ́tù: Ọjọ́ wo ni? Níbo? Ta ló wà níbẹ̀? Kò bi í pé kí ló dé tí kò lù wọ́n padà. Ohun tí ọmọ rí, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ méfò, kò kọ ọ́.

Nígbà tó tó àkókò, ó jókòó ti lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ya á. Ìyàwó rẹ̀ ní kó pa "àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́" rẹ́, ó pa á rẹ́. Obìnrin náà kà á tán, ó tún wò ó.

"Orúkọ tí wọ́n ń pè é ńkọ́?"

Bàbá gbé bírò sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti kọ ìyẹn.

"Ibi tó ti ń jò gan-an lẹ fọwọ́ bò yẹn."

Ó fa ìwé mọ́ra, ó sì kọ ọ́. Bí lẹ́tà náà ṣe lọ nìyí. Ó dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn nínú rẹ̀, àmọ́ èmi ò ní dárúkọ wọn, torí ọmọ ni wọ́n.

"Sí olùkọ́ Ìbídùn. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ jì mí, ìbínú ni. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà, nígbà ìsinmi, àwọn mẹ́ta yìí da omi sí i lára nídìí ẹ̀rọ omi. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ẹ bi í níwájú kíláàsì, wọ́n ju sálúbàtà rẹ̀ sí ṣáláńgá. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló bá a fi igi yọ ọ̀kan. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ju búrẹ́dì rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. Mi ò mọ èyí tó jù ú nínú wọn. Ọmọ Rọ́bà ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní òórùn táyà tí mò ń lẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ti ń ha ara rẹ̀ títí ó fi ń bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í mọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ìjókòó rẹ̀ padà, kí àgbà kan sì wà nídìí ẹ̀rọ omi nígbà ìsinmi. Èmi yóò wá lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìjáde, láti gbọ́ ibi tí ẹ bá a dé."

Kò fi rán ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e fún tíṣà lọ́jọ́ Ajé, ó sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀. Bí tíṣà bá tún ní kí ọmọ dìde níwájú kíláàsì ńkọ́? Bí èyí tún sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ńkọ́? Bí aago ilé ìwé bá ti dún, á gbójú sókè wo ọ̀nà ilé ìwé. Lọ́jọ́rú, ó gbàgbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu táyà kan títí táyà fi bẹ́.

Nígbà tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo ṣàṣìṣe pẹ̀lú ìbéèrè ọjọ́ yẹn. Ẹ má bínú." Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti jẹ́rìí. Àwọn ọmọ ti jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé ìwé sì ti ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn. Wọ́n ti yí ìjókòó padà, tíṣà kan sì ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ omi. "Àmọ́ kò tíì tán o. Bí ẹ bá tún gbọ́ nǹkan, ẹ kọ ọ́ báyìí fún mi."

Kò tíì tán lóòótọ́. Ó kọ lẹ́tà mìíràn lọ́sẹ̀ kejì, ìlà mẹ́rin péré.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó tẹ túùbù kan sínú ọpọ́n, ó ń yí i. Báàgì kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kékeré kan, tí èépá egbò ti ń ṣí lára rẹ̀, wọ inú omi dúdú náà.

"Bàbá mi, ó ń hó níbí o."

Bàbá sàmì sí i. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa nígbà náà, àmọ́ ó rí ibẹ̀.

Ìwọ tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ rẹ, tí o ti ká apá aṣọ sókè láti lọ pariwo lẹ́nu géètì, jókòó ná. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Àmọ́ má fi pẹ̀lẹ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀ o. Kọ ọjọ́ rẹ̀, kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kọ ẹni tó rí i, kí o sì kọ èyí tó ń tì ọ́ lójú, torí ọmọ rẹ nìkan ló ti ń gbé e látọjọ́ yìí.