Àgbò Tó Fẹ̀yìn Rìn Kí Aládùúgbò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá gbì, ó kan ògiri, ògiri ò wó. Ó wá dá lórí Àgbò tó lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Òtútù. Ègbè tiyín ni "Gbì, orí àgbò." Ẹ má fi imú gbè é.

Àgbò fi Àgùntàn ìyàwó rẹ̀ sílé, ó sọdá òkun, ó rí iṣẹ́ ẹrù rírù. Òfin kan wà ní ìlú náà: àlejò kò gbọdọ̀ mú ìyàwó rẹ̀ wọlé àfi bí aládùúgbò kan bá dúró fún un pé ó mọ èèyàn bá gbé. Àgbò rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ ọ́n kí ju òun lọ? Nílé rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹni ńlá, wọ́n á fẹ̀yìn rìn, wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á wá sáré bọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Láàárọ̀, ó bá Ológìnní, opó tó fẹ̀gbẹ́ kan ilé rẹ̀, níbi tó ti ń gbá yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. Àgbò fẹ̀yìn rìn. Ó tẹ orí ba. Ó sáré bọ̀, gìrì gìrì gìrì. "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí? Baálé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ mà rù."

Kó tó dé "ẹ mà rù", Ológìnní ti wà lórí òrùlé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ìgbálẹ̀ mú, ó na tòsì. "Dúró síbẹ̀ yẹn."

"Ọwọ́ òsì," ni Àgbò wí. Inú bí i. Ó gbé orin sẹ́nu:

Mo kí wọn, wọn ò jẹ́ o,
*Gbì, orí àgbò.*
Mo tẹríba, wọ́n sá lọ,
*Gbì, orí àgbò.*
Ìlú tí ò mọ àgbà,
*Gbì, orí àgbò.*

Ó dé ibi iṣẹ́. Ehoro, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, kọjá, fìrì. "Àgbò, ó dáa?"

Àgbò sọ ẹrù kalẹ̀. "Èmi tí mo tó bàbá ẹ bí, lò ń pe orúkọ mọ́ lórí?" Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti béèrè, kò sì dáa kéèyàn má dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí orúnkún tó ń dùn ún, ó dé orí àlá tó lá. Nígbà tó gbójú sókè, Ehoro ti dé ẹ̀yìn ọgbà. Inú bí i ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kọrin:

Ó bi mí, kò dúró gbọ́ o,
*Gbì, orí àgbò.*
Ọmọ àná ń pè mí lórúkọ,
*Gbì, orí àgbò.*

Ẹṣin dé. Òun ni ọ̀gá wọn. Ó na ọwọ́ kó bọ Àgbò lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀gá kẹ̀? Àgbò gbójú sílẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn. Ó tẹ orí ba. Ó sáré bọ̀, gìrì gìrì gìrì. Ẹṣin yẹ̀ ẹ́. Gbì! Ògiri ló gba ìkíni náà.

"Kò wo èèyàn lójú," ni Ẹṣin wí. "Kò bọ èèyàn lọ́wọ́. Ó tún fẹ́ kàn mí pa. Bí oṣù bá lé tí aládùúgbò kankan ò dúró fún un, kó máa lọ sílé ẹ̀."

Ojú Àgbò pọ́n bí ẹyìn. Ó búra pé òun ò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n kí i, kò jẹ́. Ó ń kọjá lára wọn bí ẹni ń kọjá lára igi, oṣù sì ń lọ sópin. Níjọ́ kan Ehoro dènà dè é.

"Àgbò, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"O pe orúkọ mi bí ẹni pe ajá."

"Ẹni tá ò mọ̀, a kì í pè é lórúkọ níbí. Bí mo bá pè ọ́, mo ti kà ọ́ mọ́ra nìyẹn."

"O béèrè àlàáfíà mi, o ò dúró gbọ́."

"Ṣé o ro pé ìtàn ni mò ń béèrè ni? 'Ó dáa, ìwọ ńkọ́?' Ó tán. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́, tá a bá jókòó jẹun, sọ ọ́. Inú ń bí èmi náà. Látọjọ́ tí mo ti ń kí ọ, o ò béèrè tèmi rí. O tún lọ ń bi opó léèrè ọkọ tó sin lọ́dún tó kọjá, o ní ó rù, o sì na ìwo sí i. Níbí, ẹni tó bá fẹ̀yìn rìn, ìjà ló lọ mú wá."

Àgbò fẹ́ fèsì. Ó rántí pé nílé òun náà, wọ́n ní bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Inú wá ń bí i sí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ológìnní tún ń gbá yìnyín. Ẹsẹ̀ Àgbò fẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ó fà á padà. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó wo obìnrin náà lójú. Wíwò náà ta á lójú bí ata. "Ológìnní, ó dáa?" Ó fi ọwọ́ láyà, ó tẹ ọrùn díẹ̀, kò sáré. Kò béèrè ọkọ, kò béèrè ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí.

"Kí nìyẹn?"

"Nílé wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ò rí i. Ẹ ṣáà ní 'o ṣé.'"

Ológìnní fara ti ìgbálẹ̀. "Látìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń dá gbá ibí yìí. Kò sẹ́ni tó rí i pé iṣẹ́ ni." Ó gbọn yìnyín kúrò lára ìgbálẹ̀. "O ṣé."

Lọ́dọ̀ Ẹṣin, Àgbò bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ó wò ó lójú, ó fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá ọ̀tún, kí ilé má bàa ní òun ti gbàgbé. Ẹṣin ò yẹ̀ mọ́.

Oṣù lé. Ẹṣin wá sí àdúgbò wọn, ó ní, "Ta ló dúró fún Àgbò?" Ológìnní bọ́ sílẹ̀ látorí òrùlé. "Èmi ni. Ó máa ń rí èèyàn."

Báyìí ni Àgùntàn ṣe dé. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà, Ehoro kọjá, fìrì. "Àgùntàn, ó dáa?"

Àgùntàn wo ọkọ rẹ̀. "Ta lọmọ yìí ń pè bẹ́ẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ó tẹ orí ba. Àgbò bọ́ sáàárín. Gbì! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbà á.

"Ó dáa," ni Àgbò wí fún Ehoro látilẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé, bá a bá dé ìlú onílùú, ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń kíra wọn, ká tó bínú pé wọn ò kí wa. Ká gbé ọ̀wọ̀ lọ láti ilé, ká fi ìwo sílẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí Àgbò fẹ̀yìn rìn wá kí mi.