Omi Ìgbàgbọ́ tí Akínṣuyì Lọ Wá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sún mọ́ mi, nítorí ìtàn tí mo gbé dání lónìí ní igi tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ nínú, ó ní ìwin olójú mẹ́fà, ó sì ní ọkùnrin kan tó rìn jìnnà lọ wá ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nù nílé.

Akínṣuyì ni orúkọ rẹ̀, apẹja ọmọ apẹja, awẹdò-bí-ẹní-ń-fẹsẹ̀-rìn. Ìgèrè ló fi ń pẹja, apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja ń wọ̀ tí kì í rí ọ̀nà jáde. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń yan ẹja náà, obìnrin pẹ̀lẹ́ tí ojú rẹ̀ mú. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti jọ ń gbé, wọ́n sì ti bí ọmọ kan, Dúró. Ṣùgbọ́n Akínṣuyì ní ọ̀rẹ́ kan, Ọ̀kánlàwọ́n, tó bú bàbá Àwẹ̀ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Àwẹ̀ró kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí Akínṣuyì bá jókòó ti Ọ̀kánlàwọ́n tó ta ayò títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, bó bá délé, a ní òkè odò lòun wà. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló rí, a ní òun kò rí ẹnìkankan. Kò fẹ́ ìjà ni. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ rọra o, mo mọ ilé yín. Ẹni tó ń fi irọ́ sá fún ìjà kékeré, ìjà ńlá ló ń tọ́ dàgbà.

Ní ọjọ́ kan ayò dùn títí ó fi gbàgbé àwọn ìgèrè rẹ̀. Ó bá ra ẹja mẹ́ta lọ́nà, ó gbé e délé. Àwẹ̀ró ya ẹnu ẹja kìíní láti fọ̀ ọ́, ó sì rí ojú ọgbẹ́ níbẹ̀. Ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta.

"Bàbá Dúró, níbo lẹ ti rí ẹja yìí?"

"Nínú ìgèrè mi lókè odò ni."

"Ìgèrè yín ti wá ń gún ẹja lẹ́nu bí ìwọ̀?"

Akínṣuyì kò ní ìwọ̀ kankan nílé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó jẹ́wọ́ ayò ti ọjọ́ náà. Nígbà tí Àwẹ̀ró tún bèèrè, ó jẹ́wọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó tún bèèrè, òmíràn tún jáde. Bí ó ṣe ń já a sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ kan kò tíì jiná tí òmíràn fi ń wọlé.

Àwẹ̀ró ní, "Kì í ṣe ayò ló dùn mí. Bí ẹ bá lè purọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan, kí ni mo fẹ́ fi mọ èyí tó tó nǹkan? Ọdún mẹ́jọ ni mo wá ń tún yẹ̀ wò báyìí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. N ó dúró di ìgbà iṣu tuntun. Bí ọkàn mi kò bá balẹ̀ nígbà náà, ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

Ẹ̀rù ba Akínṣuyì. Ó ti gbọ́ nígbà èwe rẹ̀ pé lẹ́yìn Igbó Abèèrè, ìwin kan ń ṣọ́ omi ìgbàgbọ́, pé bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá kán sínú ọbẹ̀ ẹni, ẹni náà yóò gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó pinnu láti lọ bù ú wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rò pé ó sọ fún ìyàwó rẹ̀? Ó ní, "Mò ń lọ tún ìgèrè ṣe lókè odò, ó di ọjọ́ mẹ́ta." Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ó wọ igbó náà. Igi ibẹ̀ ga, ó ṣókùnkùn, ó lẹ́nu. Èyí àkọ́kọ́ bi í pé, "Níbo lo ti ń bọ̀?" Ó ní ọjà ni, ọ̀nà bá là sí méjì níwájú rẹ̀. Igi kejì bi í, ó ní oko ni, ọ̀nà là sí mẹ́rin. Ìkẹta bi í, ó ní ilé àna òun ni, ọ̀nà di mẹ́jọ. Kò pẹ́ tí kò rántí èyí tó sọ fún igi wo mọ́, àwọn igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè, gbòǹgbò wọn ń rá pálá bọ̀ wá mú un lẹ́sẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó kígbe pé, "Ilé ni mo ti ń bọ̀! Mo purọ́ fún ìyàwó mi kí n tó jáde!" Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ gbogbo ọ̀nà náà padà di ẹyọ kan.

Òpin ọ̀nà náà ni Ìyá Olójú Mẹ́fà jókòó sí, arúgbó tó ń fi ojú méjì wo àná, tó ń fi méjì wo òní, tó ń fi méjì wo ọ̀la. Igbá omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Kí lo sọ fún aya rẹ pé o ń lọ ṣe?"

Akínṣuyì ní, "Ìgèrè ni mo ní mò ń lọ tún ṣe." Ìwin náà rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já lórí igi.

"Omi náà nìyí. Bí o bá fún un mu, yóò gbà ọ́ gbọ́, ìbáà jẹ́ irọ́ lo ń pa. Ṣé aya lo ń wá ni, àbí òmùgọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó na ọwọ́ sí igbá, ó tún fà á sẹ́yìn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, kí ni kí n wá ṣe?"

"Padà sílé. Sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàápàá èyí tí kò tíì mọ̀. Má sọ pé ìbéèrè rẹ̀ ló fà á. Bó bá bi ọ́ ní ohun kan náà nígbà ogún, dá a lóhùn nígbà ogún láìkanra. Má sì bá a dá ọjọ́ tí yóò gbà ọ́ gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lèyí wà."

Ó padà lọ́wọ́ òfo. Ó jókòó níwájú Àwẹ̀ró, ó sọ ti ìrìn àjò náà, ó sọ gbogbo ọjọ́ ayò, ó sì sọ ohun tí Àwẹ̀ró kò mọ̀ rárá: pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti pàdé Ìbídùn, obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ fún òun, ní èbúté, pé àwọn kí ara àwọn, àwọn sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun mìíràn, ṣùgbọ́n òun fi í pa mọ́. Àwẹ̀ró sunkún. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "Èyí dùn mí ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni èmi kò fi ọwọ́ ara mi hú jáde."

Ẹ má rò pé ó tán níbẹ̀. Àwẹ̀ró a máa ṣàdédé rìn dé etí odò láti wò ó bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú a ti Akínṣuyì, inú a sì fẹ́ bí i, ṣùgbọ́n a kí i káàbọ̀. Bó bá ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀kánlàwọ́n, a sọ bẹ́ẹ̀ kó tó jáde. Àwẹ̀ró a fajú ro, wọn a jà, ìjà náà a sì parí, ilé kò wó. Ní oṣù kẹta, àṣà àtijọ́ yọ́ wọlé: Àwẹ̀ró bi í níbo ló ti ń bọ̀, ó ní ìsàlẹ̀ odò. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Àwẹ̀ró, irọ́ ni mo pa. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni mo ti ń bọ̀, mi ò mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀." Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Àwẹ̀ró kò di ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó kàn ní, "Mi ò tíì gbà yín gbọ́ tán o. Mo ṣì ń wò yín ni."

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, aládùúgbò kan sáré wọlé lọ́sàn-án gangan. "Ìyá Dúró, mo rí ọkọ rẹ ní èbúté pẹ̀lú Ìbídùn! Wọ́n dúró pẹ́ o!" Àyà Àwẹ̀ró já, n kò ní purọ́ fún yín. Ó fẹ́ dìde, ó sì tún jókòó. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Bó bá dé, yóò sọ fún mi." Ó ń yan ẹja rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí Akínṣuyì dé, kò tíì sọ ìgèrè èjìká rẹ̀ kalẹ̀ tó fi ní, "Àwẹ̀ró, mo pàdé Ìbídùn lónìí. Ìyá rẹ̀ kú, mo dúró kí i kú ọ̀fọ̀."

Àwẹ̀ró bu omi fún un. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹnu yín ni mo ń dúró dè." Ó yíjú padà sí ẹja rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó, ohun tí mo mú bọ̀ fún yín nìyí: irọ́ kékeré kò sí, nítorí ẹni tí a pa á fún kò lè mọ ibi tó mọ. Bí o bá ti ba ìgbàgbọ́ ẹnìkejì rẹ jẹ́, má wá oògùn lọ sínú igbó. Sọ ibi tí o ti ń bọ̀ lónìí, kí o tún sọ ọ́ lọ́la, kí o sì fún un láyè kó bẹ̀rù títí ẹ̀rù yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó dìgbà o, kí kálukú rọra máa lọ sílé, kó sì sọ fún ará ilé rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lòun ti ń bọ̀.