Àga Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìkòlé

Wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣátuyì rò pé tòun á gbé e. Nígbà tó dé Ṣàgámù, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ Ìkòlé. Ẹni tuntun ló máa ń to àga ìpàdé níbẹ̀.

Ọ̀ṣátuyì kọ̀ jálẹ̀: "Èmi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí n to àga?"

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, kò ní ẹbí nítòsí tí yóò bá a sọ ọmọ lórúkọ, ló bá sáré pe ẹgbẹ́. Láàárọ̀ ìkómọ, òkìtì àga ẹgbẹ́ nìkan ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ń to àga tòun tagbádá, òógùn bò ó. Bó ṣe to èyí tó kẹ́yìn ni ẹgbẹ́ yọ lẹ́yìn ilé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Alága ní, "Bàbá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ gbé ọmọ wá, ẹbí yín ti dé."