Ẹsẹ Tí Ẹfúnyẹmí Kọ́kọ́ Mú

Ilẹ̀-kì-í-kánjú-mu-òjò ni awo inú ilé. Ooru-ló-ń-kọ́-ìkòkò-lọ́gbọ́n ni awo ìta. Àwọn ló dífá fún Ẹfúnyẹmí amọ̀kòkò, lọ́jọ́ tó ń sunkún pé ìkòkò òun kì í ti inú iná jáde láàyè.

Ìlúkòtó ni ìlú rẹ̀, níbi tí amọ̀ ti pupa bí osùn. Ìyá rẹ̀ ló fi àyè létí kòtò amọ̀ sílẹ̀ fún un kó tó kú. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tí iná bá kọ ìkòkò rẹ̀ títí ọdún fi yípo, àyè náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún ti ń kanlẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà tí Ẹfúnyẹmí bá sun ìkòkò, gbàù, gbàù ló ń gbọ́.

Ọ̀ṣúnbùnmi ìyálé rẹ̀ náà ń mọ ìkòkò. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ti wí fún un pé, "Ìyàwó, amọ̀ yìí ò tíì sùn o. O ò jẹ́ kó sinmi kó o tó máa nà án?" Ẹfúnyẹmí ń na amọ̀ rẹ̀ lọ. Nínú ara rẹ̀, ó ní ìlara ni.

Ó gbéra, ó di ilé Awóyẹlé babaláwo. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, baba náà dá a dúró.

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Owó ẹyọ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ẹfúnyẹmí gbé owó ẹyọ sẹ́nu, ó rọra bi í pé, "Ta ló ń fọ́ ìkòkò mi?" Ó gbé e kalẹ̀. Awo kò gbọ́ ọ.

Awóyẹlé kó ikin mẹ́rìndínlógún, ó ń fi ọwọ́ kan gbọ̀n wọ́n gbà lọ́wọ́ kejì. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà kan sínú ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà méjì. Ó tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì, títí ìlà mẹ́rin mẹ́rin fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kan, méjì, méjì, kan, lápá méjèèjì.

"Òdí Méjì," ni baba wí. "Ọ̀kan nínú àwọn olórí Odù mẹ́rìndínlógún ni. Àwọn ọmọ Odù tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ igba ó lé ogójì."

Ó fún un ní owó ẹyọ àti egungun kí ó di wọ́n sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tún dá Ifá lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún owó ẹyọ tó dúró fún ire, ọ̀kan fún egungun tó dúró fún ibi, Odù tó dàgbà jù sì mú owó ẹyọ. Ire ni, ṣùgbọ́n ire tó ń dúró de ẹbọ.

Ni awo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké àwọn ẹsẹ inú Odù náà, kí Ẹfúnyẹmí lè mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ dá lórí ọdẹ kan tí ará ilé rẹ̀ ń já ọsán ọrun rẹ̀. Wọ́n ní kó fi àkùkọ rúbọ. Ó rú u, àṣírí ọ̀tá sì tú. Orin ẹsẹ náà kò tíì parí tí Ẹfúnyẹmí fi fò dìde.

"Tèmi nìyẹn! Baba, ẹ dúró níbẹ̀!"

"Ẹsẹ ṣì kù o, ìyá."

"Ẹ jẹ́ ó kù. Mo ti rí tèmi."

Awo kì í bá ẹni tó wá dífá yan ẹsẹ. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Awóyẹlé kó ikin rẹ̀ jọ.

Ẹfúnyẹmí rú àkùkọ. Ó délé, kò kí ìyálé rẹ̀ mọ́, kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó mọ ìkòkò, ó sun ún. Gbàù!

Ó padà bá awo pẹ̀lú ìbínú. "Baba, Ifá yín parọ́ fún mi!"

"Ifá kì í parọ́. Odù ni ilé, ẹsẹ ni yàrá inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú wọlé lè lọ sùn sí yàrá ẹlòmíràn. Ẹ jókòó. Òdí Méjì náà ni a ó tún gbọ́."

Ó ké ẹsẹ àgàn tó ń wá ọmọ. Ẹfúnyẹmí mi orí. Ó ké ẹsẹ Iṣu. Wọ́n ní kí Iṣu fi ìgbín àti omi tútù rúbọ, kó bi àgbà ilé léèrè ìgbà tó yẹ kó jáde nínú ilẹ̀. Iṣu ní ìlara ni àgbà náà ń ṣe. Kò rúbọ. Ó jáde lọ́sàn-án gangan, oòrùn sì la awọ rẹ̀ pẹ̀rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí rántí ọ̀rọ̀ ìyálé rẹ̀. Ó fẹ́ kí baba kọjá lọ sí òmíràn. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọpọ́n.

"Ẹ... ẹ tún un ké."

Baba tún un ké.

"Tèmi nìyẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá owó ẹyọ sọ̀rọ̀ lọ.

"Ó dáa. Ìgbín àti omi tútù. Kí ẹ sì kúnlẹ̀ fún àgbà ilé. Èmi ò mọ àgbà náà o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó rú ẹbọ náà. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀ṣúnbùnmi.

"Ìyálé mi, ẹ dárí jì mí. Báwo ni amọ̀ ṣe ń sùn?"

Ọ̀ṣúnbùnmi bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ó di kí Ifá bá mi bẹ̀ ọ́ kó o tó gbọ́? Dìde, jàre. Lọ já ewé kókò wá."

Wọ́n fi ewé tútù bo amọ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án títí òórùn rẹ̀ fi yí padà, tó sì ń fà lọ́wọ́ bí iyán. Ẹfúnyẹmí mọ ọ́n, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sun ún. Nígbà tí iná kú, ó fi ìka kan ìkòkò àkọ́kọ́. Kòó! Ó dún bí agogo.

Àyè ìyá rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yin awo, awo yin Ifá. Èyí tí a wí fún un, tó kọ̀, ló sọ ọ́ di ẹlẹ́kún. Èyí tó gbọ́, tó rú, ló gbé ire rẹ̀ jáde nínú iná.

Wọ́n bi í lọ́jọ́ ọdún pé, ta tilẹ̀ ni ó ń fọ́ ìkòkò rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó bi owó ẹyọ léèrè ni."