Bí Omítóògùn Ṣe Tún Ìbéèrè Ọ̀pàtọ́ Bi

Odò Òyì ni odi ìlú Ọ̀pàtọ́ ní ayé ọjọ́un. Wọ́n mọ amọ̀ yí ìlú ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí kò bá ya ọ̀lẹ lè fò ó; omi gan-an ló ń dáàbò bo àwọn ènìyàn. Nígbà tí ọ̀dá wá mú lọ́dún kan, Òyì fà títí ó fi dé orúnkún ọmọdé. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó ti kó Ìgbó-Àràbà lẹ́rú sì wá pàgọ́ sí òdìkejì rẹ̀, wọ́n ń fún ẹṣin wọn ní koríko, wọ́n ń dúró kí omi tún fà sí i. Ara wọn balẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Gbogbo Ọ̀pàtọ́ mọ̀ pé kò ní ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bóyá kí wọ́n dúró jà, tàbí kí wọ́n kó ẹrù, àti ibi tí wọn yóò kó o lọ.

Ni Baálẹ̀ Látúnjí bá ránṣẹ́ pe Omítóògùn Àkànkẹ́, olórìṣà Ọ̀ṣun, obìnrin gìdìgbà, arìnrìn-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ẹni tí ẹyọ owó mẹ́rìndínlógún mọ ọwọ́ rẹ̀ ju ọmọ tó bí lọ. Ó tẹ́ àtẹ rẹ̀ sí ojúde. Baálẹ̀ gbé ẹyọ owó kan sẹ́nu, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Omítóògùn kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà gbọ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: adífá kì í mọ ohun tí a bi, kó má baà fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ dáhùn.

Ó da owó mẹ́rìndínlógún sórí àtẹ. Mẹ́jọ ṣíjú, mẹ́jọ dojú dé. Èjì Ogbè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn: ti àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣí lọ, ti ìyàwó tó ń wá ọmọ, ti àgbà kan tó ń ṣàìsàn tí wọ́n ní kó jókòó sílé rẹ̀, yóò gbádùn. Kò sí ẹni tó lè yan ẹsẹ fún oníbèéèrè. Òun nìkan ló mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ní ti àgbà aláìsàn yìí ni Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

Ìbò ló kù. Baálẹ̀ fi òkúta, tó dúró fún ire, sí ọwọ́ kan, ó fi egungun, tó dúró fún ibi, sí èkejì, ó di ọwọ́ méjèèjì. Omítóògùn tún da owó. Bí Odù àgbà bá yọ, ọwọ́ òsì la ó ṣí. Bí ó bá jẹ́ Odù àbúrò, a ó tún owó dà kí a tó mọ ọwọ́ tó kàn. Odù àgbà ló yọ. Wọ́n ṣí ọwọ́ òsì, òkúta ló wà níbẹ̀. Ire. Wọ́n tún bi irú ire tó jẹ́. Ire àìkú.

"Ẹ gbọ́ o," ni Baálẹ̀ wí. "Ká jókòó sílé. A ò ní kú."

Ayọ̀ gba ojúde kan. Àwọn tó ti di ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Omítóògùn nìkan ni kò dìde nídìí àtẹ. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ ìlú ti kọjá lójú Baálẹ̀, kò sì gbé ọwọ́. Ti ẹnìkan ṣoṣo lórí ẹní ló mú. Àmọ́ a kì í béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bi oníbèéèrè ní ohun tó bá owó sọ. Ẹ̀rù bà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́jọ́ kẹta, ilé tí ìkókó náà sùn sí kò jìnnà sódò. Ó rántí ìyẹn, ó sì sọ̀rọ̀.

"Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ìdáhùn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ò lè tóbi ju ìbéèrè lọ. Mi ò ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ bi fún mi. Ẹ kàn sọ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí: ṣé orí ìlú ni ẹ bi, àbí orí ara yín?"

Balógun Ògúnṣàkin, olórí ogun, fa idà yọ díẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Baálẹ̀ lẹ ń bá wí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ lé mi kúrò nílùú. Ó sàn kí n lọ lémi nìkan ju kí gbogbo wa lọ nínú ìdè."

 Ikọ́ gbé Baálẹ̀, ó wú u tán, ó fi etí aṣọ nu ẹnu. "Ògúnṣàkin, ti idà rẹ bọ àkọ̀. Láti ìgbà ìkórè ni àyà ti ń dùn mí. Mo fẹ́ bi ti ìlú. Nígbà tí owó dé ẹnu mi, bóyá n ó yè jẹ iṣu tuntun ni mo bi." Ojú tì í débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni. Àánú rẹ̀ ń ṣe èmi tó ń sọ ìtàn yìí títí dòní. Ta ni nínú wa tí kò ní bi ti ara rẹ̀?

"Nígbà náà, òrìṣà ti dá yín lóhùn, yóò sì ṣẹ," ni Omítóògùn wí. "Ìlú ni a kò tíì bi. Balógun, ẹ gba owó."

Ògúnṣàkin sọ ti ìlú sí ẹyọ owó. Omítóògùn dà á. Mẹ́sàn-án ṣíjú. Ọ̀sá. Ẹ̀rín díẹ̀ sọ láwùjọ, nítorí orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ń sọ pé kí wọ́n sá. Ó kì í títí ó fi dé ẹsẹ àwọn ẹfọ̀n tí iná igbó lé, tí wọ́n rí omi pupa tó ń sun lábẹ́ àpáta. Ẹbọ tí wọ́n rú ni oúnjẹ tí wọ́n sè sójúde gbogbo ilé. Ògúnṣàkin gbé ọwọ́. Nígbà tí ó bi bóyá kí wọ́n dúró, egungun ló jáde. Ó bi bóyá kí wọ́n ṣí lọ, òkúta ló jáde.

"Níbo wá ni omi pupa wà?" ni Balógun béèrè.

Àṣàbí amọ̀kòkò, tó máa ń rìn jìnnà wá amọ̀, ló dáhùn. "Mo mọ omi náà. Òkè Agẹ̀rìn ni. Mo ti bu amọ̀ níbẹ̀ nígbà mẹ́fà. Òkúta ojú ọ̀nà rẹ̀ ń yọ̀, ẹṣin ò lè gùn ún." Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sí ẹni tó bi í rí ni.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá rí i pé ìlú ń ṣófo, wọn yóò lé wọn bá lójú ọ̀nà. Omítóògùn wo ẹbọ náà dáadáa. Oúnjẹ sójúde gbogbo ilé: iná ni, èéfín ni. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró dáná," ló wí. "Èmi ló kì í. Èmi ni n ó rú u."

"Èmi náà ń dúró," ni Baálẹ̀ wí. "Wọ́n ṣáà ti ní n kò ní kú."

Ẹ̀rín ni gbogbo ènìyàn fi dágbére, wọ́n sì forí lé Agẹ̀rìn lóru ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin yẹn àti ọkùnrin oníkọ́ náà, pẹ̀lú ọdẹ márùn-ún, fi ń koná láti ilé dé ilé. Wọ́n ń se iṣu tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ, ojú wọn ń ta, èéfín Ọ̀pàtọ́ ń gòkè bí ti ọjọ́ ọdún. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà pé ẹran wọn wà nínú ọgbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, àwọn méje náà gba ẹ̀yìn odi jáde. Nígbà tí ogun wọ̀lú, iṣu gbígbóná ni wọ́n bá. Wọ́n sáré tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ dé Agẹ̀rìn, ẹṣin yọ̀, ó ṣubú, ọfà Ògúnṣàkin sì ń rọ̀ láti òkè. Wọ́n padà, wọn kò sì tún wá mọ́.

Baálẹ̀ Látúnjí jẹ iṣu tuntun lórí Òkè Agẹ̀rìn, ó jẹ ti ọdún mẹ́fà mìíràn pẹ̀lú. Omítóògùn ni wọ́n ní kó sọ ìlú tuntun tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀ lórúkọ, ó sì pè é ní Àtúnbi, nítorí ìbéèrè tí a tún bi. Títí dòní, kí oníbèéèrè tó gbé owó sẹ́nu nítorí ìlú níbẹ̀, àwùjọ yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Orí ta ni?" yóò sì dáhùn kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn àlejò kì í gbọ́ orúkọ ìlú náà dáadáa; wọ́n á ní Àtúnbí, bí ẹni pé a tún ìlú náà bí. Àwọn ará ibẹ̀ kì í tún un ṣe fún wọn.