Sátífíkéètì Ẹ̀dínwó

Ẹ gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílé Túbọ̀sún láàárọ̀ yìí, ẹ̀rín á pa yín!

Túbọ̀sún, akọ̀wé owó tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, fẹ́ gba sátífíkéètì kó lè tètè ríṣẹ́ fi bọ́ ìyàwó àtọmọ. Owó tó fi pa mọ́ ò lè ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ṣé ti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ni àbí ti àkáǹtì orí kọ̀ǹpútà? Wọ́n ti dín ti ààbò kù sí ìdajì, ọ̀sán òní lẹ̀dínwó sì máa parí. Ló bá fẹ́ sanwó.

“Bàbá Ìbùkún, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o,” Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó ẹ̀ ní. “Ṣé owó ìdánwò wà nínú ẹ̀?”

Túbọ̀sún pe olùkọ́ ààbò. Owó ìdánwò lọ́tọ̀, owó ẹgbẹ́ ọdọọdún lọ́tọ̀! Ti àkáǹtì ńkọ́? Owó tí wọ́n pè ti kó ìdánwò mọ́ra.

“Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ńkọ́?” ni ìyàwó ẹ̀ tún bi í.

Ó pe ilé iṣẹ́ méjì tó ń wá òṣìṣẹ́ ààbò. Àwọn méjèèjì ní àfi ẹni tó bá ti ṣe é rí. Ó pe ilé oògùn tó ń wá akọ̀wé owó.

“Ẹ ti ṣe akọ̀wé rí? Ẹ fi ti kọ̀ǹpútà kún un, kẹ́ ẹ wá ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́.”

Túbọ̀sún fò sókè, ó sanwó ti àkáǹtì. Bí olùkọ́ ààbò ṣe pè padà nìyẹn: “Ọ̀gá, a tún ti dín in o!”

“Èló ni?” ni Túbọ̀sún ń bi í.

Mọrẹ́nikẹ́ já fóònù gbà, ó sì jókòó lé e.