Fáìlì Òkété Tí Kò Gòkè

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, la ojú.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló ru fọ́ọ̀mù sẹ́yìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí akọ̀wé kankan kò rí nǹkan kọ sínú rẹ̀? Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi ta kété, ó bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú ẹranko, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí àga.

Kìnnìún ọba ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ìjàpá ni akọ̀wé yàrá fáìlì. Bó bá ti gba fọ́ọ̀mù, tó fún un ní nọ́ńbà, ó yẹ kó fi ṣọwọ́ sí Ọ̀bọ. Ọ̀bọ á kọ ọ̀rọ̀ sí i fún ọ̀gá. Ẹkùn tí í ṣe ọ̀gá á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ti rí i pé ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá pẹ́ kì í padà wá lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá gbé àsáró wá, fáìlì rẹ̀ á rìn. Ẹni tí kò bá gbé e wá, Ìjàpá á ki tirẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Pẹpẹ náà ga dé àjà, igi ni wọ́n fi pín in sí ojúlé ojúlé, fáìlì sì kún un débi pé ó ń mì.

Ni Òkété bá dé. Ibi tó rẹlẹ̀ ni ihò ilé rẹ̀ wà, òjò sì ti ń ṣú. Bí kò bá gbẹ́ ihò náà lọ sókè kí òjò tó dé, omi á gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Akọ̀wé. Ìwé àṣẹ ni mo wá gbà."

"Fọ́tò rẹ dà?"

Ó lọ ya fọ́tò.

"Lẹ́tà baálé rẹ ńkọ́?"

Ó gba lẹ́tà wá.

"Ìwé ìbúra láti kóòtù, pé ìwọ gan-an ni Òkété?"

"Bàbá, ẹ sáà ń wò mí!"

"Ojú mi kì í ṣe kóòtù."

Ó lọ búra, ó padà. Ìjàpá gba gbogbo rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò rí abọ́. "Máa lọ sílé. Fáìlì rẹ ti gòkè."

Òkété kò lọ sílé. Òun náà gòkè. Ọ̀bọ ní òun kò rí fáìlì kankan. Ẹkùn ní, "Ohun tí wọn kò gbé wá bá mi, kí ni n óò fọwọ́ sí?" Òkété sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá fáìlì, ó fìdí kalẹ̀, ó dárin. Ẹ gbè é o!

Ìjàpá, gbé fáìlì mi jáde o,
*Fáìlì ń bọ̀.*
Òjò ṣú, ọmọ ń bẹ nínú ihò,
*Fáìlì ń bọ̀.*
N ò ní lọ, n ò ní gbé àsáró wá,
*Fáìlì ń bọ̀.*

Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbè é. Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Ó ní kí òun wá ibòmíràn fi fáìlì náà pamọ́ sí kí ọ̀gá tó gbọ́. Ó kó sísàlẹ̀ pẹpẹ, ó fa fáìlì yọ. Àṣé fáìlì yẹn ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ pẹpẹ tí kò jẹ́ kó wó. Gbàgàdà! Pẹpẹ wó lé e lẹ́yìn.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Ọ̀bọ àti àwọn tó ń kọjá sáré dé, wọ́n gbé pẹpẹ tì. Ọ̀bọ ní àfi kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fà á yọ. Gbogbo wọn wo Òkété.

"Kò sí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi," ni Òkété wí.

"Fáìlì rẹ nìyí! Gbé e gòkè kíá!" ni Ìjàpá ké lábẹ́ pẹpẹ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ará ìlú kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fáìlì."

Ọ̀bọ já a gbà, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó sáré gòkè. Ẹkùn fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀. Kí Ìjàpá tó ké ìgbe mìíràn, ìwé ti dé. Òkété kà á tán, ó ká a, ó dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìjàpá figbe ta.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ihò ilé Òkété nìkan. Ìwé ibì kan kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n gbẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹ gba fọ́ọ̀mù tuntun."

"Ta ni yóò fún un ní nọ́ńbà?" ni Ọ̀bọ béèrè.

"Akọ̀wé yàrá fáìlì ni. Ó ń bẹ lábẹ́ pẹpẹ."

Òkété lọ gbẹ́ ihò rẹ̀. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, omi kún ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sùn lókè, ara wọn gbẹ. Inú mi dùn fún un! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sí ọ́fíìsì, ó gbẹ́ Ìjàpá yọ láìbéèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ojúlé ojúlé pẹpẹ ti tẹ̀ mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn. Ìdí rèé tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pín bíi fọ́ọ̀mù títí dòní, tí gbogbo àyè rẹ̀ sì ṣófo.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi ni mo fi í sí. Bí mo bá purọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọn ò lù ú! Ẹ lọ sùn.